Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, mílíọ̀nù mẹ́jọ sáíkù

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú ìlà kóòdù mọ́kànlá. Lúùpù ìdúró ni, èyí tí kò níṣẹ́ méjì ju kí ó máa ka nǹkan títí àkókò tí a fẹ́ yóò fi pé. Àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ asẹ́ńbílì lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú níbí sábà máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀: wọ́n á fi nọ́ńbà kan sí i, wọ́n á wo bí iná ṣe ń tàn, wọ́n á tún nọ́ńbà náà yí padà. Bó bá yá, ó lè jọ pé ó ti dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé kóòdù náà sí ṣíìpù mìíràn, tàbí tí wọ́n fi àṣẹ kan ṣoṣo kún un, ohun gbogbo á dàrú, wọn ò sì ní mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe. Èmi ti rí i pé ká kọ́kọ́ ka sáíkù rẹ̀ tán lórí ìwé ló yá jù, nítorí nọ́ńbà tó bá jáde lórí ìwé la ó fi mọ ohun tó ń ṣe ṣíìpù nígbà tí iná kò bá tàn bó ṣe yẹ.

Ṣíìpù tí mo fi ń kọ́ wọn ni `ATmega328P`, èyí tó wà lórí bọ́ọ̀dù Áàdúínò Únò, pẹ̀lú kílọ́ọ̀kì 16 MHz. Ẹ wo kílọ́ọ̀kì yẹn bí onílù tó ń lu ìlù rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lílù kọ̀ọ̀kan ni sáíkù kan. Tí mo bá fẹ́ kí iná tàn fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí ó sì kú fún ìdajì, mo ní láti jẹ sáíkù 8,000,000 tán kí n tó yí iná padà. Nọ́ńbà yẹn ni a ń lé.

Iye sáíkù tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà wà ní apá ìparí ìwé àlàyé ṣíìpù náà, níbi tí wọ́n to gbogbo àṣẹ rẹ̀ sí. Àwọn tí a nílò kò pọ̀. `ldi` tó ń kó nọ́ńbà sínú rẹ́jísítà, ìyẹn àpótí kékeré inú ṣíìpù, `dec` tó ń yọ 1 nínú nọ́ńbà náà, àti `nop` tí kò ṣe nǹkan kan, ń gba sáíkù kọ̀ọ̀kan. `rcall` tó ń pe ìdúró ń gba 3, `ret` tó ń padà síbi tí a ti pè é ń gba 4. `brne`, tó ń fò padà tí `dec` kò bá tíì mú nọ́ńbà dé 0, nìkan ló lójú méjì: tó bá fò padà, ó gba 2; tí kò bá fò, ó gba 1. Ojú méjì `brne` yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ìṣirò rú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró lórí lúùpù kan ṣoṣo ná.

```
      ldi  r18, N
inu:  dec  r18
      brne inu
```

Ẹ fi kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń ná Sábó sí Ẹbúté wé e. Ní gbogbo ìgbà tó bá já èrò sí Ẹbúté, ó ní láti padà wá sí Sábó láti gbé òmíràn. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tó kẹ́yìn lálẹ́ kò ní ìpadà: ó já èrò tán, iṣẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀ ni `brne` ṣe rí. Tí `N` bá jẹ́ 10, ó fò padà ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, sáíkù 18 nìyẹn. Ní ìgbà kẹwàá kò fò, sáíkù 1. `dec` gba 10. Àpapọ̀ lúùpù náà jẹ́ 29, kì í ṣe 30. Ṣùgbọ́n `ldi` tó wà lókè, tó gba sáíkù 1, ni owó epo tí onímárúwá fi wá sí Sábó láàárọ̀. Tí a bá kà á mọ́ ọn, 30 ló pé. Ohun tí `brne` ìkẹyìn dín kù, `ldi` ti dí i pa. Ìdí nìyẹn tí àgbékalẹ̀ lúùpù kan fi mọ́ tónítóní báyìí: `3 × N`, tí `ldi` ti wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ìdí yìí fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó kàn há `3 × N` sórí ni yóò tún fi sáíkù 1 kún un fún `ldi`, tàbí kí ó yọ 1 kúrò nítorí `brne`, láìmọ̀ pé méjèèjì ti wọnú ìṣirò tẹ́lẹ̀.

Rẹ́jísítà kan kò lè gba ju 255 lọ. Tí a bá fi 0 sí i, `dec` àkọ́kọ́ á sọ ọ́ di 255, nítorí náà 0 túmọ̀ sí ìyípo 256, èyí sì ni ó gùn jù. 3 lọ́nà 256 jẹ́ 768 sáíkù, ìyẹn 48 µs. A jìnnà sí mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ó di dandan ká fi lúùpù kan sínú òmíràn, kí a sì tún fi méjèèjì sínú ẹ̀kẹta.

```
duro:  ldi  r20, 72
ode:   ldi  r19, 188
arin:  ldi  r18, 196
inu:   dec  r18
       brne inu
       dec  r19
       brne arin
       dec  r20
       brne ode
       nop
       ret
```

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìkà láti òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú, kí ẹ máa bọ̀ síta. Lúùpù inú pẹ̀lú `ldi r18` rẹ̀ gba 3 lọ́nà 196, ìyẹn 588. Ìyípo kan lúùpù àárín ni 588 yẹn, pẹ̀lú `dec r19` tó gba 1 àti `brne arin` tó gba 2: 591. Ó ṣe èyí ní ìgbà 188. `brne arin` ìkẹyìn dín 1 kù, `ldi r19` sì dí i, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lẹ́ẹ̀kan. 188 lọ́nà 591 jẹ́ 111,108. Ìyípo kan lúùpù òde ni 111,108 pẹ̀lú 3 fún `dec r20` àti `brne ode`: 111,111. Ó ṣe é ní ìgbà 72, ó di 7,999,992. Fi `nop` kún un, 1, `rcall` tó pè é, 3, `ret`, 4. Ó pé 8,000,000 géérégé.

Bí a bá kọ ọ́ ní àgbékalẹ̀ kan, kí `K` jẹ́ nọ́ńbà òde, `M` ti àárín, `N` ti inú:

```
K × (M × (3 × N + 3) + 3)
```

Báwo la ṣe ń rí 72, 188 àti 196? Ibi tí àwọn kan ti ń jókòó fún wákàtí méjì, tí wọ́n ń dán nọ́ńbà wò, nìyí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà wà. Mo kọ́kọ́ yọ 7 fún `rcall` àti `ret` kúrò nínú 8,000,000. Ó ku 7,999,993. Gbogbo àgbékalẹ̀ yẹn jẹ́ ìlọ́po 3, nítorí náà mo pín in sí 3: ó jẹ́ 2,666,664, ó ku 1. Èyí tó kù yẹn ni `nop` kan ṣoṣo; tó bá ku 2, `nop` méjì ni ì bá jẹ́. Lẹ́yìn náà mo wá `K` tó pín 2,666,664 láìṣẹ́kù, mo yọ 1 nínú èsì rẹ̀, mo sì wò ó bóyá ohun tó kù ṣeé pín sí nọ́ńbà méjì tó wọ inú rẹ́jísítà. Mo dán 44 wò: 60,606 ló jáde, mo yọ 1, ó di 60,605. Méjì tó sún mọ́ ara wọn jù nínú rẹ̀ ni 155 àti 391. 391 ti pọ̀ jù fún rẹ́jísítà. Nígbà tí mo dé 72, 37,037 ló jáde. Yọ 1, ó di 37,036, tó jẹ́ 188 lọ́nà 197. `M` jẹ́ 188. `N` jẹ́ 196, nítorí `N + 1` ni 197 yẹn. Ẹni tó bá gbàgbé `+ 1` yẹn, tó kọ 197 sí inú, ó ti fi sáíkù 40,608 kún ìdúró rẹ̀.

Tí kò bá pọn dandan kó pé géérégé, fi 0 sí àárín àti inú, kí o sì yí `K` nìkan. Pẹ̀lú `K` tó jẹ́ 41, 8,092,539 ló máa jáde, ìyẹn bí 506 ms. Fún iná tó ń ṣẹ́jú lásán, ó tó bẹ́ẹ̀.

Rẹ́jísítà `r16` sí `r31` nìkan ni `ldi` ń bá ṣiṣẹ́. Tí o bá kọ `ldi r10`, asẹ́ńbílà á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àwọn àṣìṣe tí asẹ́ńbílà kò lè rí ló yẹ ká gbájú mọ́, mo sì ti rí wọn léraléra débi pé mo ti ń fi iye àkókò dá wọn mọ̀.

Èkíní ni lébẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ìlà tí kò yẹ. Tí ẹnì kan bá kọ `brne inu` síbi tó yẹ kó kọ `brne arin`, ó fò kọjá `ldi r18`. Nígbà yẹn `r18` ti di 0, nítorí náà lúùpù inú yóò yípo ní ìgbà 256 dípò 196, àfi ní ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìyípo òde kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá á di bí 0.65. Tó bá sì kọ `brne duro` síbi tó yẹ kó kọ `brne ode`, ó ń tún 72 kó sínú `r20` ní gbogbo ìgbà, kò sì ní parí láéláé. Iná á dúró lójú kan: tó bá ń tàn kí ó tó wọ ìdúró, yóò máa tàn lọ.

Èkejì ni `nop` tó wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. `nop` kan lẹ́yìn `brne ode` jẹ́ sáíkù 1. `nop` kan náà láàárín `dec r18` àti `brne inu` yóò ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 2,653,056, nítorí 72 lọ́nà 188 lọ́nà 196 ni. Èyí á fi 166 ms kún ìdúró wa. Àṣẹ kan náà ni, lẹ́tà mẹ́ta kan náà, ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí ló ń sọ iye rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń ṣẹlẹ̀ jù lọ, kò sì sí nínú kóòdù rárá. Ọmọ kan á ra ṣíìpù tuntun, á gbé e lé bírẹ́ẹ̀dì-bọ́ọ̀dù, á fi kírísítà 16 MHz sí ẹsẹ̀ 9 àti 10 pẹ̀lú kapásítọ̀ 22 pF méjì, á kó kóòdù sí i, á wá ní: “Ẹ̀gbọ́n, kò ṣiṣẹ́ o, iná kàn dúró lójú kan ni.” Ìdáhùn mi kì í yí padà: “Ka títí dé mẹ́jọ, kí o má kánjú.” Tó bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tán, iná á kú. Tó bá tún ka mẹ́jọ, á tàn. Kóòdù rẹ̀ dára. Ṣíìpù náà kò tíì lo kírísítà yẹn rárá: láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti ní kó lo kílọ́ọ̀kì inú ara rẹ̀ tó jẹ́ 8 MHz, kó sì pín in sí ọ̀nà 8. Ó ń sáré ní 1 MHz, sáíkù mílíọ̀nù mẹ́jọ sì di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ìlọ́po 16 ni, ìlọ́po yẹn gan-an ló sì tú àṣírí.

Láti rí i dájú, ẹ ka fíúsì rẹ̀, ìyẹn ètò inú ṣíìpù tó ń sọ kílọ́ọ̀kì tí yóò lò:

```
avrdude -c usbasp -p m328p -B 10 -U lfuse:r:-:h
```

Tó bá fi `0x62` hàn, bó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ ló ṣì wà. `-B 10` yẹn wà níbẹ̀ nítorí ṣíìpù tó ń sáré ní 1 MHz kò lè bá ẹ̀rọ ìkóòdù tó yára jù sọ̀rọ̀. Láìsí i, àìgbọ́ra-ẹni-yé lè wáyé, ẹ ó sì rò pé ṣíìpù ti kú. `0xE2` máa mú un lo 8 MHz inú, `0xFF` máa mú un lo kírísítà òde. Kí ẹ tó kọ `0xFF` sí i, ẹ rí i dájú pé kírísítà náà wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlé dáadáa. Tí kò bá sí, ṣíìpù náà kò ní gbọ́ ohùn yín mọ́ títí ẹ ó fi fi kírísítà sí i.

Ó ku bí a ṣe ń wọn ọ́n. Nínú `Microchip Studio`, ẹ yan símílétọ̀, ẹ fi `Breakpoint`, àmì ibi tí símílétọ̀ yóò ti dáwọ́ dúró, sí orí `rcall duro` àti sí orí ìlà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wo `Cycle Counter`. Ìyàtọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 8,000,000. Ẹ má wo `Stop Watch` tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ kò bá tíì yí `Frequency` sí 16 MHz, nítorí 1 MHz ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, yóò sì sọ fún yín pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni.

Lórí bọ́ọ̀dù gan-an, fóònù tó. Kóòdù tó ń yí iná padà kò ju ìlà mẹ́rin lọ:

```
       sbi  DDRB, 5
main:  sbi  PINB, 5
       rcall duro
       rjmp main
```

`sbi PINB, 5` ń yí iná tó wà ní ẹsẹ̀ 13 lórí Únò padà, ó gba sáíkù 2. `rjmp` náà gba 2. Nítorí náà ìdajì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8,000,004. Ẹ má jẹ́ kí 4 yẹn dà yín láàmú, màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ má wọn ìtàn kan ṣoṣo, ìka yín kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ aago fóònù bí iná ṣe tàn, kí ẹ ka ìtàn 60 tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà. Ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 78, ẹ lọ wo lébẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá 80, ẹ wá `nop` tó sá wọ inú. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 16, fíúsì ni. Tí iná mànàmáná kò bá sí, tí ẹ fi páwà báńkì ṣe é, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ páwà báńkì máa ń pa ara wọn tí ohun tí wọ́n ń gbé kò bá fa iná tó. Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè já lágbedeméjì láìjẹ́ ẹ̀bi kóòdù.

Ẹni tó bá fi lúùpù yìí sínú kóòdù Áàdúínò tó kù yóò rí i pé ó pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe kà á lọ. Áàdúínò ní aago kan tó ń dí ṣíìpù lọ́wọ́ ní gbogbo 1,024 µs láti ka àkókò tirẹ̀. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó dí wa lọ́wọ́ ní bí ìgbà 488, sáíkù tó sì jẹ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan kò sí nínú ìkà wa. Àṣẹ `cli` ṣáájú ìdúró àti `sei` lẹ́yìn rẹ̀ máa dá a dúró, ṣùgbọ́n `millis()` yóò pàdánù àkókò yẹn. Nínú asẹ́ńbílì pọ́ńbélé tí a kò tan ìdílọ́wọ́ kankan, ìṣòro yìí kò sí.

Ní ti sáíkù 4 yẹn, ẹ fi wé kílọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Kírísítà tó fi 50 nínú mílíọ̀nù kan ṣáko ti fi sáíkù 400 ṣáko nínú mílíọ̀nù mẹ́jọ wa. Lórí Únò, rẹsonétọ̀ ni wọ́n fi sí `ATmega328P`, kì í ṣe kírísítà, òun sì lè ṣáko dé bí ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sáíkù 40,000. Kílọ́ọ̀kì inú ṣíìpù tilẹ̀ lè ṣáko dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ìkà wa pé géérégé ní sáíkù. Bóyá ó pé ní ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ onílù ló wà.

Nítorí èyí ni n kò fi í wá nọ́ńbà tuntun tí mo bá fẹ́ gbé kóòdù yìí sórí ṣíìpù tó ń lo 8 MHz inú ara rẹ̀. Mo kàn pín `K` sí méjì, 72 á di 36, mo sì yọ `nop` kúrò. 36 lọ́nà 111,111 jẹ́ 3,999,996; fi 7 kún un fún `rcall` àti `ret`, ó di 4,000,003. Ó fi sáíkù 3 lé, kílọ́ọ̀kì yẹn sì lè ṣáko ju ìyẹn lọ tí oòrùn ọ̀sán bá mú bọ́ọ̀dù gbóná.